Mò ń gbé ipò akọ̀wé ẹgbẹ́ sílẹ̀: kí ló yẹ kó wà nínú ímeèlì àńdófà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbà á?

Akọ̀wéTóŃLọ | Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sáà mi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ẹ̀ka Èkó, máa parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Ìbàdàn ni arábìnrin tí wọ́n dìbò yàn ń gbé, a ò sì dájú pé a máa ráyè jókòó pọ̀. Alága ní kí n kọ ímeèlì kan tí gbogbo nǹkan máa wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo ti kọ rèé:

*Arábìnrin wa, ẹ kú oríire ipò tuntun. Àwọn àkáǹtì: (1) ímeèlì ẹgbẹ́ tó wà lórí Gmail, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, (2) ojú ewé Fesibúùkù, èmi ni mò ń bójú tó o, (3) Wọ́sáàpù ẹgbẹ́, èmi ni mo dá a sílẹ̀, (4) wẹ́ẹ̀bù ẹgbẹ́, ọdọọdún la ń sanwó rẹ̀. Iṣẹ́ tó kù: lẹ́tà sí ààfin, CAC, gbọ̀ngàn ìpàdé oṣù kejìlá, ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn tí ẹ lè pè: alága, akápò, lọ́yà, ẹni tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù, ẹni tó ni gbọ̀ngàn. Ẹ pè mí nígbàkúùgbà.*

Kí ló ṣẹ́kù? Kí ni kò yẹ kó wà níbẹ̀?

---

Ọmọ_Òkè_Àdó | Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ó ti dáa tó lójú tèmi. Ẹ kàn fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti Fesibúùkù àti ti wẹ́ẹ̀bù kún un, kí arábìnrin náà lè rí gbogbo rẹ̀ lójú kan. Ohun tó bá fọ́n ká ló máa ń sọnù.

---

Mọ́remí_Fáìlì | Ọjọ́ Ajé, 9:32 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ aṣínà kankan sínú ímeèlì yẹn. Irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ máa ń rìn. Ẹ máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí alága, alága á fi ránṣẹ́ sí igbákejì rẹ̀, ẹnìkan á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún fáìlì. Tó bá di ìdìbò tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ iye ojú tó ti rí i.

Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jùyẹn lọ kò sí nínú ohun tí ẹ kọ rárá: nọ́ńbà fóònù ta ni ímeèlì ẹgbẹ́ so mọ́? Ibẹ̀ ni àńdófà ti ń dàrú jù. Akọ̀wé tuntun á tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tó tọ̀nà ní Ìbàdàn, lórí fóònù tí Google ò tíì rí rí. Google á ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan, nọ́ńbà yín sì ni. Tí ẹ bá wà nítòsí, ẹ máa ka kóòdù fún un. Tí ẹ bá ti rìnrìn àjò, tàbí tí síìmù yẹn ti kú, ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn kankan.

Nítorí náà, ímeèlì ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà lé e lọ́wọ́, torí ibẹ̀ ni Fesibúùkù àti ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó wẹ́ẹ̀bù máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí nígbà tí èèyàn bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ yan àkókò kan tí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa wà lórí ìpè. Kó wọlé láti orí fóònù tirẹ̀, kí ẹ ka kóòdù fún un. Lẹ́yìn náà kó ṣí `Security`, kó yí `Recovery phone` àti `Recovery email` padà sí tirẹ̀. Kó tún wọ `2-Step Verification`, kó yí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ náà. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nọ́ńbà méjèèjì yìí wà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń yí ọ̀kan, wọ́n á gbàgbé ìkejì.

Níbẹ̀ náà ló ti máa rí `Backup codes`. Kóòdù mẹ́wàá ni Google máa fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, kí alága fi ìwé náà sínú fáìlì ẹgbẹ́ nínú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa. Tí ẹ̀yin náà bá ní irú kóòdù bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbígba tuntun ti sọ tiyín di aláìwúlò. Lẹ́yìn èyí ni kó wá yí ọ̀rọ̀ aṣínà sí èyí tí ẹ̀yin ò mọ̀.

Ẹ má fi í di alẹ́ ọjọ́ 30. Tí èèyàn bá yí nọ́ńbà ìgbàpadà, Google ṣì lè máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àtijọ́ fún ọjọ́ 7, kí ẹni tí wọ́n jí àkáǹtì rẹ̀ lè rí i gbà padà. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ méje yẹn parí nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ipò.

---

Ọmọ_Òkè_Àdó | Ọjọ́ Ajé, 9:51 alẹ́

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ aṣínà. Àmọ́ kí ló dé tí wọn ò kúkú ní gbé síìmù náà fún un? Kí ẹgbẹ́ ra síìmù kan, kó máa ti ọwọ́ akọ̀wé kan bọ́ sí ti èkejì.

---

Bàbá_Kọ̀ǹpútà | Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Ọ̀gá mi, orúkọ àti NIN ta ni wọ́n máa fi forúkọ síìmù náà sílẹ̀? Tó bá jẹ́ ti akọ̀wé tó ń lọ, òun ni ó ni ín lójú ilé-iṣẹ́ fóònù. Lọ́jọ́ tí síìmù bá sọnù, òun nìkan ló lè lọ gba òmíràn. Kí wọ́n tó yí i sí orúkọ ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Ohun kejì ni pé síìmù tí wọ́n kàn ń gba kóòdù sí, tí ẹnikẹ́ni ò fi pè, tí wọn ò fi ra dátà, á kú. Òfin NCC ni pé tí ohun tó ń mówó wọlé kò bá ṣẹlẹ̀ lórí nọ́ńbà fún ọjọ́ 180, wọ́n lè tì í pa. Tí ọjọ́ 180 mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè gbà á, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Nígbà náà ni kóòdù ímeèlì ẹgbẹ́ yín á máa wọ fóònù àlejò. Mi ò ní kí ẹ má ra síìmù, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ra káàdì sí i kẹ́yìn.

---

Àǹtí_Pẹ́kámù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ báǹkì ló ká mi lára. Lọ́dọ̀ tiwa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, Charity Commission la forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ọdún ránṣẹ́ láàárín oṣù 10 lẹ́yìn tí ọdún ìnáwó bá parí. Akápò tó ń lọ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé owó, kó sì kọ iye tó wà ní báǹkì lọ́jọ́ tó fipò sílẹ̀, pẹ̀lú sítétímẹ́ǹtì. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣẹ́kù, ẹ̀gbọ́n akápò.

---

Akọ̀wéTóŃLọ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:12 àárọ̀

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Akọ̀wé ni mí, kì í ṣe akápò, n kò sì fọwọ́ sí ìwé owó kankan. Akápò wa ò kúrò. Ṣé ó tún yẹ kí n mẹ́nu ba báǹkì?

---

Mọ́remí_Fáìlì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀

Ó yẹ o, nítorí ọ̀rọ̀ ímeèlì yẹn náà. Ẹ bi akápò bóyá ímeèlì ẹgbẹ́ ni álàátì àti sítétímẹ́ǹtì ń wọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó di ímeèlì ẹgbẹ́ mú ń rí gbogbo owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, akápò sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojú mìíràn ti wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ti tó.

---

Lọ́yà_Ìta_Ọbà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:30 àárọ̀

Ẹ kọ "CAC" lásán sábẹ́ iṣẹ́ tó kù. Kí ló kù níbẹ̀? Ẹni tó bá ka èyí kò ní mọ̀ bóyá ẹ ti sanwó, bóyá ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, tàbí bóyá wọ́n ti dá a padà.

---

Akọ̀wéTóŃLọ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:02 àárọ̀

Ánúà rítọ́ọ̀nù ọdún yìí ni. Lọ́yà ẹgbẹ́ ló máa ń fi ránṣẹ́. Mo ti fún un ní àkójọ owó tí olùyẹ̀wéwò fọwọ́ sí, ó ku kí akápò san owó iṣẹ́ rẹ̀.

---

Ọ̀gbẹ́ni_Àgbà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:15 àárọ̀

Ẹ tún gbọ́dọ̀ sáré fi orúkọ akọ̀wé tuntun sí ara àwọn alágbàtọ́ ẹgbẹ́ ní CAC kó tó lè fọwọ́ sí ohunkóhun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé tó bá fọwọ́ sí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

---

Lọ́yà_Ìta_Ọbà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán

Bàbá, ó ku díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn alágbàtọ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ẹgbẹ́ ní CAC àti àwọn olóyè ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dìbò yàn kì í ṣe ohun kan náà. Olóyè lè pààrọ̀ nígbà tí sáà bá parí, kí àwọn alágbàtọ́ ṣì wà níbẹ̀. Tí akọ̀wé tó ń lọ bá jẹ́ alágbàtọ́, kò kúrò lórí ipò yẹn torí pé ó fi ipò akọ̀wé sílẹ̀. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohun tí ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ibi tí ẹ ti tọ̀nà ni pé kí ímeèlì sọ ọ́ kedere bóyá orúkọ akọ̀wé àtijọ́ wà nínú ìwé CAC, ní ipòkípò.

Nípa ánúà rítọ́ọ̀nù: òfin CAMA 2020, abala 848, sọ pé láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ni ẹgbẹ́ máa fi í ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Ẹ ń lọ ní ìparí oṣù kẹwàá, nítorí náà oṣù méjì péré ló kù fún arábìnrin náà, ìparí ọdún sì rèé, gbogbo èèyàn ló ń sáré. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ohun tí ẹ ti ṣe, ohun kan ṣoṣo tó kàn, ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ sì kọ bóyá àkáǹtì lọ́yà ni wọ́n fi ń wọ ojú ewé CAC tàbí ti ẹgbẹ́. Tó bá jẹ́ ti lọ́yà, akọ̀wé ò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan láti gbà níbẹ̀, kó má lọ máa wá a kiri.

---

Ìyá_Alásè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:25 ọ̀sán

Ti gbọ̀ngàn náà ńkọ́? Mo ń gba iṣẹ́ oúnjẹ fún irú ìpàdé báyìí, ìjà tí mo sábà ń rí ni ti àṣẹ́kù owó. Orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì? Tó bá jẹ́ orúkọ akọ̀wé tó ń lọ, ẹni tó ni gbọ̀ngàn lè sọ fún tuntun pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ẹ pe ẹni tó ni gbọ̀ngàn nísinsìnyí, kó yí orúkọ rìsíìtì sí ti ẹgbẹ́, kó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì.

Nọ́ńbà nìkan ò sì tó níbi tí ẹ kọ "àwọn tí ẹ lè pè" sí. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ń pe ẹni náà fún, àdéhùn tó wà nílẹ̀, àti irú ìpè tó ń dáhùn. Àwọn kan ò ní gbé ìpè nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ láéláé. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé "lágbájá ni akọ̀wé wa láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, nọ́ńbà rẹ̀ rèé."

---

Bàbá_Kọ̀ǹpútà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Lórí Wọ́sáàpù: ẹni tó dá gúrúùpù sílẹ̀, àwọn alábòójútó yòókù kò lè gba ipò alábòójútó lọ́wọ́ rẹ̀, àfi tó bá fúnra rẹ̀ jáde. Torí náà, kí akọ̀wé àtijọ́ fi tuntun àti alága ṣe alábòójútó, kó jáde níwájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n tún fi í wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Ní ti Fesibúùkù, kó fún tuntun ní àṣẹ kíkún, kí tuntun gbà á, kí wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

---

Mọ́remí_Fáìlì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:55 ìrọ̀lẹ́

N kò gbà pẹ̀lú yín lórí "lọ́jọ́ yẹn gan-an". Tí fóònù arábìnrin náà bá sọnù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì jẹ́ òun nìkan ló ní àṣẹ kíkún, ojú ewé náà ti lọ nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

---

Bàbá_Kọ̀ǹpútà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹni kejì tó yẹ kó ní àṣẹ ni alága, kì í ṣe ẹni tí kò sí nípò mọ́. Tí ìkéde tí kò tọ́ bá jáde lójú ewé yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, ta ni wọ́n máa mú? Ààbò akọ̀wé tó ń lọ fúnra rẹ̀ ni mò ń sọ.

---

Mọ́remí_Fáìlì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:34 ìrọ̀lẹ́

Alága míì ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú ewé náà pàápàá. Ohun tí mo sọ ṣì dúró lójú mi. Ṣùgbọ́n èyí ó wù kí wọ́n yàn, kí ọjọ́ náà wà nínú ímeèlì.

---

Akọ̀wéTóŃLọ | Ọjọ́rú, 9:05 alẹ́

Mo ti tún un kọ. Mo yọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn kúrò kí n tó gbé e síbí. Alága ni mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí, òun nìkan.

*Arábìnrin wa, ẹ kú oríire. Kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà nínú ímeèlì yìí.*

*Ímeèlì ẹgbẹ́: nọ́ńbà mi ló so mọ́ títí di òní. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà lórí ìpè pẹ̀lú mi, kí ẹ wọlé láti orí fóònù yín, kí ẹ sì yí nọ́ńbà náà sí tiyín níbi méjèèjì tó wà. Ẹ gba kóòdù mẹ́wàá, ẹ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí alága. Álàátì báǹkì ń wọ ímeèlì yìí, akápò mọ̀.*

*Fesibúùkù: mo ti fi ẹ̀yin àti alága sí i pẹ̀lú àṣẹ kíkún, ẹ tẹ ìfìwépè kí ẹ gbà á. Ẹ yọ orúkọ mi ní ọjọ́ 31. Wọ́sáàpù: ẹ ti di alábòójútó. Èmi máa jáde ní ọjọ́ 31, ẹ fi mí wọlé padà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́.*

*Wẹ́ẹ̀bù: orúkọ rẹ̀ parí sí .org, ọjọ́ 20 oṣù kejì ni owó ọdún rẹ̀ máa pé. Ímeèlì ẹgbẹ́ ni ìránnilétí máa wọ̀. Ẹni tó ń bójú tó o kì í gbé ìpè, Wọ́sáàpù ni kí ẹ fi kọ̀wé sí i.*

*Ánúà rítọ́ọ̀nù CAC: àkójọ owó ti wà lọ́wọ́ lọ́yà. Ohun tó kàn ni kí akápò san owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Àkáǹtì lọ́yà ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ ò nílò láti wọlé. Gba ẹ̀rí tí CAC bá fún un, kí ẹ fi sí fáìlì. Orúkọ mi kò sí lára àwọn alágbàtọ́.*

*Gbọ̀ngàn, ọjọ́ 13 oṣù kejìlá: ₦350,000 la ṣe àdéhùn, a ti san ₦150,000. ₦200,000 tó kù gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Rìsíìtì ti wà lórúkọ ẹgbẹ́, mo so ó mọ́ ímeèlì yìí.*

*Lẹ́tà ìkésíni sí ààfin: mo ti kọ ọ́, alága ò tíì fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ààfin fẹ́ kó wà lọ́wọ́ òun ní oṣù kan ṣáájú, ẹ̀dà orí ìwé ni kí ẹ fi ránṣẹ́, wọn kì í gba ti ímeèlì.*

*Ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́: ó wà lórí Google Drive, mo ti ṣí i fún yín. Orúkọ àwọn tó san owó oṣù kẹsàn-án kò tíì wọlé.*

*Ẹ lè bi mí ní ìbéèrè títí di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá.*

---

Lọ́yà_Ìta_Ọbà | Ọjọ́rú, 9:50 alẹ́

Èyí ṣe é lò. Ẹ sọ fún arábìnrin náà kó fèsì sí i, kó kọ ọ́ pé òun ti rí i gbà àti ohun tí kò tíì yé òun. Èsì yẹn ni ẹ̀rí fún ẹ̀yin méjèèjì.

---

Bàbá_Kọ̀ǹpútà | Ọjọ́bọ̀, 6:40 àárọ̀

Ẹ yẹ wẹ́ẹ̀bù wò dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ímeèlì ti ẹni tó ṣe é fún yín ló wà lórí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Fún orúkọ tó parí sí .org, ilé-iṣẹ́ tó tà á gbọ́dọ̀ rán yín létí lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí, àkọ́kọ́ nígbà tó bá ku nǹkan bí oṣù kan, ìkejì nígbà tó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ímeèlì tó wà lórí ìforúkọsílẹ̀ ni ìránnilétí ń lọ. Tí ẹ bá wo ímeèlì ẹgbẹ́ tí ẹ ò rí ìránnilétí ti ọdún tó kọjá níbẹ̀, ibòmíràn ló ń lọ nìyẹn.

---

Mọ́remí_Fáìlì | Ọjọ́bọ̀, 7:15 àárọ̀

"Mo ti ṣí i fún yín" ò tó fún ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́. Ṣé inú Drive tiyín gangan ló wà, àbí ti ímeèlì ẹgbẹ́? Tó bá jẹ́ tiyín, ẹ̀yin lẹ ṣì ni ín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pa á rẹ́ láti dín ẹrù kù, ó ti kúrò lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ẹ ṣí `Share`, ẹ fi ímeèlì ẹgbẹ́ síbẹ̀, ẹ yan `Transfer ownership`. Kò tíì parí síbẹ̀ o: `Pending owner` ló máa kọ sí i títí ẹnìkan á fi wọ ímeèlì ẹgbẹ́, tí á sì tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Ẹ ṣe é lórí ìpè ọjọ́ 18 yẹn, kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.

---

Akọ̀wéTóŃLọ | Ọjọ́bọ̀, 7:31 àárọ̀

Inú tèmi ló wà. Mo ń yí i báyìí. Ìránnilétí wẹ́ẹ̀bù ti ọdún tó kọjá kò sì sí nínú ímeèlì ẹgbẹ́. Mo ti kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é, kò tíì fèsì.